Fọ́tò bàbá mi níwájú pólù gòólù 1966: ṣé Lọ́ńdọ̀nù ni lóòótọ́?

ỌmọDókítà
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń fa ìjà nílé wa, ẹ bá mi dá sí i. Bàbá mi ti di olóògbé, nígbà tá a ń tú àpótí wọn la bá fọ́tò méjì, dúdú àti funfun. Wọ́n kọ 1966 sẹ́yìn ọ̀kan, ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi náà ni, mo mọ̀ ọ́n. Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ẹbí ń sọ, torí "ìlú òyìnbó" nìkan la máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn.

Nínú fọ́tò kìíní, bàbá mi wọ kóòtù gígùn, wọ́n dúró lórí koríko, pólù gòólù wà lẹ́yìn wọn, àmọ́ pólù yẹn ò jọ ti bọ́ọ̀lù tá a mọ̀, ọ̀pá méjèèjì gùn kọjá ọ̀pá ìdábùú lọ sókè fíofío bíi lẹ́tà H, síbẹ̀ néètì wà lábẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà dúró ti pólù ọ̀tún. Màmá mi ní ọ̀gá wọn ní ọsibítù nìyẹn torí iṣẹ́ ìṣègùn ni bàbá mi lọ kọ́. Fọ́tò kejì, wọ́n jókòó ní stáńdì kan tó ní àjà méjì, wọ́n fi irin ṣe ẹ̀ṣọ́ sí iwájú àjà òkè, irin náà ń gba ara wọn kọjá bíi X X X títí lọ. Kò sí ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Àbúrò bàbá mi fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí, mi ò fẹ́ ká kọ irọ́.

TúndéSíkírọ̀ọ̀mù
Ọ̀rọ̀ ti tán, rọ́gíbì nìyẹn. Ibikíbi tó o bá ti rí H, rọ́gíbì ni. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì ni baba rọ́gíbì. Mo gbá a ní yunifásítì fún ọdún méjì kí orókún mi tó yẹ̀. Ẹni tó wọ funfun yẹn á jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú àwọn tó bá farapa. Kọ Lọ́ńdọ̀nù sí i jàre.

BàbáOníPápá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé ẹfun ló dáa jù láti fi fa ilà pápá àbí eérú? Eré ìdárayá ilé ìwé wa ti sún mọ́lé, òjò sì ń fọ ẹfun dànù lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà la fa ilà pẹ́náritì, kò dé ọ̀la.

ỌmọDókítà
Bàbá, fọ́tò là ń wá o 😂

BàbáOníPápá
Mo rí "pólù gòólù" lókè ni mo ṣe yà. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, mo ń kà á.

Adíwọ̀n
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ ìwọ̀nlẹ̀ ni mo ṣe jẹun fún ọdún mọ́kànlélógún, wíwá ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò ni mo fi ń ṣeré báyìí. Bọ̀ọ̀dá Túndé, ẹ má bínú, néètì yẹn ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú rọ́gíbì, òkè ọ̀pá ìdábùú ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbà kó tó jẹ́ pọ́íǹtì, ẹ̀yìn ilà ni wọ́n sì ń gbé e lọ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi néètì ṣe lábẹ́? Kò sí ohun tó fẹ́ mú. Ẹni tó bá so néètì sábẹ́ H, eré tó ń gbá, òkè ń jẹ́, ìsàlẹ̀ náà ń jẹ́. Eré tí mo mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ ni ti ilẹ̀ Áyálándì, bọ́ọ̀lù Gélíìkì àti họ́lìǹgì tí wọ́n ń fi igi gbá. Tó bá wọ inú néètì, gòólù kan ni, ìyẹn pọ́íǹtì mẹ́ta. Tó bá gba òkè láàárín ọ̀pá méjèèjì, pọ́íǹtì kan ni lọ́dún 1966 yẹn.

Ṣùgbọ́n ká má tíì fi ojú lásán parí ẹ̀. Ọmọ Dókítà, gbé fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, fi rúlà wọn ìbú ilé gòólù láti ọ̀pá kan sí èkejì, kó o wọn gíga ọ̀pá ìdábùú láti ilẹ̀. Wọn gíga náà lọ́tùn-ún àti lósì, kó o wá mú àárín wọn, torí èyí tó jìnnà sí kámẹ́rà máa kéré díẹ̀. Lẹ́yìn náà fi gíga pín ìbú.

ỌmọDókítà
Mo ti wọ̀n ọ́n sà. Ìbú 50 mìlímítà. Gíga lọ́tùn-ún 22, lósì 20, mo mú 21. 50 sí 21, 2.38 ló fún mi. Wọn ò dúró kọjú sí gòólù tààrà o, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti yà á díẹ̀.

Adíwọ̀n
O ṣeun. Ó dáa tó o sọ pé ẹ̀gbẹ́ ni, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tó o bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbú gòólù máa sún kì nínú fọ́tò, àmọ́ gíga ò ní sún kì. Ìyẹn ni pé 2.38 tó o rí, ó lè kéré sí òótọ́, kò lè jù ú lọ. Tó o bá kọjú sí i dáadáa, nọ́ńbà yẹn á tún gòkè díẹ̀.

Wá wò ó. Ti rọ́gíbì, ìbú 5.6 mítà, ọ̀pá ìdábùú wà ní 3 mítà, 1.87 nìyẹn. Kò sí bó o ṣe máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí 1.87 fi máa di 2.38, ṣe ló máa tún kéré sí i. Nítorí náà rọ́gíbì ti bọ́ kúrò. Ti bọ́ọ̀lù wa, 7.32 sí 2.44, mẹ́ta géérégé ni, ìyẹn ṣì lè jẹ́ ní ti nọ́ńbà, àmọ́ ọ̀pá bọ́ọ̀lù kì í gùn kọjá ìdábùú. Ti Áyálándì, 6.5 sí 2.5, 2.6 ni. Ká ní o yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, 2.6 á di 2.38 láìsí wàhálà kankan.

TúndéSíkírọ̀ọ̀mù
Haa. Tóò, mo gbà ní ti nọ́ńbà. Néètì yẹn náà, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Bọ̀dé_Houston
Ẹ dúró ná o. Ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tí ọmọ mi obìnrin ń lọ níbí ní Texas, H tó ní néètì lábẹ́ ló wà lórí pápá wọn! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ lánàá ni. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi òkè gbá, sọ́kà ni wọ́n ń fi ìsàlẹ̀ gbá. Kí ni ẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ó lè jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni bàbá wà.

Adíwọ̀n
Bọ̀dé, òótọ́ lo sọ, èmi gan-an ló yẹ kí n ti dárúkọ ẹ̀. Òun ló ti mú mi rí, mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá pápá kan kiri Áyálándì, Ohio ló wà. Rúlà ò lè yanjú ìyẹn, torí ti sẹ́kọ́ńdìrì Amẹ́ríkà, ìbú láàárín ọ̀pá òkè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23 àti íńṣì 4, ìdábùú wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10, 2.33 nìyẹn, ó sún mọ́ 2.38 jù, àṣìṣe rúlà nìkan lè jẹ́ kó bá a mu.

Ohun tó ń tú u fó ni pé àwọn tí wọ́n ń so eré méjì pọ̀ sórí irin kan, ọ̀pá ìdábùú wọn máa ń jẹ́ méjì. Ti sọ́kà wà ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wà lókè ẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, àlàfo bíi ti fèrèsé wà láàárín wọn. Tí Áyálándì, ọ̀kan ṣoṣo. Ọmọ Dókítà, súùmù ẹ̀, ọ̀pá ìdábùú mélòó lo rí?

ỌmọDókítà
Mo ti fi skáánà tuntun ṣe é kó lè mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni o. Néètì so mọ́ ọn tààrà, kò sí nǹkan kan láàárín.

Bọ̀dé_Houston
Mo lọ wo ti ọmọ mi nínú fóònù. Méjì ni lóòótọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wò ó, mi ò kà á rí.

ÌyáDublin
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀ 😄 Nọ́ọ̀sì ni mí níbí, Dublin, ọmọ mi méjèèjì ń gbá Gélíìkì ní àdúgbò wa, gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni mo ń dúró nínú òtútù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ rúlà sílẹ̀. Ẹni tó wọ kóòtù funfun yẹn kì í ṣe dókítà rárá, aṣojú rẹfirí ni! Méjì méjì ni wọ́n máa ń wà ní gòólù kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kóòtù funfun gígùn bíi ti alápatà. Àsíá ló máa ń wà lọ́dọ̀ wọn, tó bá jẹ́ gòólù wọ́n á gbé àsíá àwọ̀ ewé sókè, tó bá jẹ́ pọ́íǹtì wọ́n á gbé funfun. Ọmọ Dókítà mi, wo ìdí ọ̀pá yẹn, ṣé igi kékeré kan ò sí nílẹ̀ níbẹ̀?

ỌmọDókítà
Màámi! Ó wà níbẹ̀! Nǹkan kan dùbúlẹ̀ lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, a ti rò pé agbòjò ni. Aṣọ wà lórí ẹ̀, ó ká mọ́ igi. Èèyàn kejì tó wọ funfun wà lẹ́yìn èjìká bàbá mi, apá ẹ̀ nìkan ló yọ, a ò kíyè sí i rí.

SámúKíríkẹ́ẹ̀tì
Kóòtù funfun, rẹfirí, kíríkẹ́ẹ̀tì ni.

ÌyáDublin
Sámú, ta ló ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì sínú néètì pẹ̀lú pólù gòólù? Lọ sùn.

ỌmọDókítà
Mo ka gbogbo èyí fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní "ẹni tí mò ń kí lójú fọ́tò láti ọdún yìí wá, rẹfirí ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá ní bàbá mi máa ń dárúkọ Dublin nígbà mìíràn, àmọ́ àwọn rò pé àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni.

ÀjàníÌlọrin
Ọ̀rọ̀ yín jọ tèmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti dé Amẹ́ríkà, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó dúró láàárín pápá, àwọn nọ́ńbà ńlá funfun wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wò ó, mo rí 55 nílẹ̀ lábẹ́ bàtà ẹ̀. Ṣé ìyẹn já mọ́ nǹkan kan?

Adíwọ̀n
Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Pápá Amẹ́ríkà jẹ́ 100 yáàdì, nọ́ńbà ń gòkè láti 10 dé 50 láàárín, ó sì ń padà sílẹ̀. Kò sí 55 níbẹ̀. Ti Kánádà ló gùn tó 110 yáàdì, 55 ni àárín ẹ̀. Tí ilé gòólù bá tún yọ nínú fọ́tò, wo ibi tó dúró sí: ti Kánádà wà lórí ilà gòólù gan-an, ti Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn pátápátá, yáàdì mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wà ní Kánádà.

ÀjàníÌlọrin
Tóò. Mi ò ní tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ìdúpẹ́ ti kọjá. Kánádà náà ò burú.

ỌmọDókítà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè mọ pápá tó jẹ́ gan-an? Ṣé kì í ṣe Croke Park tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?

Adíwọ̀n
Kí ló wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá nínú fọ́tò?

ỌmọDókítà
Lápá òsì, òrùlé páànù gígùn kan, òpó dúró níwájú ẹ̀, èèyàn jókòó lábẹ́ ẹ̀. Lápá ọ̀tún, òkè koríko lásán, àwọn èèyàn dúró lórí ẹ̀.

Adíwọ̀n
A jẹ́ pé Croke Park kọ́. Lọ́dún 1966, ibẹ̀ ti ní Cusack Stand alájà méjì láti 1938, Nally Stand láti 1952, wọ́n sì ti kọ́ Hogan Stand tuntun parí ní 1959. Stáńdì gíga ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá yẹn, fọ́tò tìrẹ ni ti pápá ìgbèríko tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Irú ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bíi ọjà, mi ò lè dá ọ lójú.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ tèmi ni pé kí n ka òpó. Òpó ni ẹlẹ́rìí tó dáa jù fún stáńdì àtijọ́. Bó o ṣe wù kó o yí kámẹ́rà, ìbú á yí, gíga á yí, àwọ̀ ọ̀dà á yí láàárín ọdún méjì, àmọ́ òpó mẹ́jọ, mẹ́jọ náà ni. Ka òpó tó wà níwájú, kó o wo bóyá àlàfo kan fẹ̀ ju ìyókù lọ, torí ibi tí wọ́n ń gbà wọlé sábà máa ń fẹ̀. Wo ẹnu òrùlé náà, ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ àbí ó ní ṣóńṣó láàárín. Kó o wá fi wé fọ́tò àtijọ́ pápá kọ̀ọ̀kan. Má fi wé fọ́tò ọdún yìí o, ọ̀pọ̀ òrùlé yẹn ni wọ́n ti wó.

ỌmọDókítà
Òpó méje ni mo kà, ìkẹjọ lè wà lẹ́yìn orí bàbá mi. Ẹnu òrùlé tẹ́ pẹrẹsẹ. Àlàfo kẹta láti òsì fẹ̀ díẹ̀, bóyá ojú mi ni.

ÌyáDublin
Fi í ránṣẹ́ sí mi, mo máa fi han àwọn bàbá àgbà tó ń jókòó ní kílọ́ọ̀bù àwọn ọmọ mi. Àwọn yẹn mọ gbogbo pápá, wọ́n á tún sọ ẹni tó gbá gòólù lọ́jọ́ náà fún ẹ bó ò tiẹ̀ bi wọ́n.

BàbáOníPápá
Mo ti ń kà á bọ̀. Èmi náà ní fọ́tò kan o. Bàbá bàbá mi àti ẹgbẹ́ wọn lórí pápá ilé ìwé ní Abẹ́òkúta. Kò sí ilà róbótó tó ń yọ kúrò níwájú bọ́ọ̀kìsì pẹ́náritì, èyí tó dà bí ìdajì òṣùpá. Wọ́n ní 1937 ni wọ́n mú ìyẹn wọ òfin bọ́ọ̀lù. Ó túmọ̀ sí pé fọ́tò mi ti pẹ́ ju 1937 lọ, àbí?

Adíwọ̀n
Bàbá, ọdún yẹn jóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà. Tẹ́ ẹ bá rí ìdajì òṣùpá yẹn, ó dájú pé wọ́n ya fọ́tò lẹ́yìn òfin náà. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, kò fi ohunkóhun hàn. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ń fà á lórí pápá yín?

BàbáOníPápá
Rárá o. Ẹfun wọ́n.

Adíwọ̀n
Ẹ wò ó bí.

Lánre_Everton
Mo ti ń dúró de fọ́tò kejì! Irin X X X lójú àjà òkè, Goodison Park ni, Liverpool, Bullens Road Stand. Mo jókòó níbẹ̀ kí ẹgbẹ́ wa tó kó lọ sí pápá tuntun ní 2025. Mo lè fi ojú dídì mọ irin yẹn. Brazil gbá bọ́ọ̀lù ife àgbáyé níbẹ̀ lọ́dún 1966 náà, ìgbà mẹ́ta, Pelé wà níbẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí, bàbá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Dublin wá wo Brazil. Parí.

Adíwọ̀n
Ẹ̀gbọ́n Lánre, ìtàn náà dùn, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi Dublin sí Liverpool wà nígbà náà. Àmọ́ ẹ rọra. Archibald Leitch, ẹ́ńjíníà ará Glasgow, ló ń fi irin X yẹn ṣe iwájú àjà òkè, kì í ṣe pápá kan ṣoṣo ló ṣe é fún. Ti Bullens Road jẹ́ 1926. Ti Ibrox, pápá Rangers ní Glasgow, 1929, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ó ṣe é fún Roker Park ní Sunderland náà kí wọ́n tó wó o. Ẹni tó bá rí X, ẹni tó yàwòrán stáńdì ló rí, kò tíì rí ìlú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fọ́tò kìíní ló ní 1966 lẹ́yìn, kejì ò ní. Ẹ má yá ọdún ti ọ̀kan fún èkejì.

Lánre_Everton
Rangers kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bà mí nínú jẹ́.

Adíwọ̀n
Ohun kan wà tó lè gbè yín. Ní Goodison, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní kọ̀rọ̀ pápá, St Luke's, ó fara kan stáńdì tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń yọ nínú fọ́tò. Ọmọ Dókítà, ṣé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kankan yọ?

ỌmọDókítà
Kò yọ. Stáńdì nìkan ló kún fọ́tò náà, kò sí pápá, kò sí ojú ọ̀run. Èèyàn àti irin.

Lánre_Everton
Ṣọ́ọ̀ṣì ò ní yọ níbẹ̀, apá kejì pápá ló wà! Tó bá jẹ́ Bullens Road ni wọ́n kọ kámẹ́rà sí, ẹ̀yìn kámẹ́rà ni ṣọ́ọ̀ṣì wà.

Adíwọ̀n
Òótọ́ nìyẹn, mo gbà. A jẹ́ pé àìsí ṣọ́ọ̀ṣì ò pa yín lára, kò sì gbè yín. Ẹ bá a ka iye X láàárín òpó kan sí èkejì, kẹ́ ẹ fi wé fọ́tò àtijọ́ Bullens Road àti ti Ibrox. Èmi ò ní i lórí.

Lánre_Everton
Mo ní fọ́tò tèmi nílé. Mo máa kà á lálẹ́ yìí.

ỌmọDókítà
Ẹ dúró, mo yí fọ́tò kejì padà sábẹ́ iná báyìí. Sítáǹpù onífọ́tò wà lẹ́yìn, ó ti parẹ́ tán, àmọ́ mo rí lẹ́tà mẹ́ta ìparí orúkọ ìlú: OOL.

Lánre_Everton
LIVERPOOL!!! Mo sọ fún yín!!!

TúndéSíkírọ̀ọ̀mù
Blackpool náà fi OOL parí o.

Lánre_Everton
Túndé, orókún ẹ tó yẹ̀ yẹn, ìyókù ń bọ̀.

Adíwọ̀n
😂 Ọmọ Dókítà, wo àyè tó wà níwájú OOL. Fi rúlà wọn ìbú lẹ́tà mẹ́ta yẹn, kó o wo ibi tí sítáǹpù ti bẹ̀rẹ̀ lápá òsì. Lẹ́tà mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni Liverpool àti Blackpool, lẹ́tà I nìkan ni ò gba àyè tó ìyókù, nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá rúlà á rí i.

ỌmọDókítà
Mo ń lọ mú rúlà.